Fún ẹni tó ń rẹ àdìrẹ tà tí kò mọ iye tó ń kù sí i lọ́wọ́: ìpàdé orí Súùmù, Sátidé 14 Nòfẹ́ńbà 2026

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi aláró,

Àrẹ̀dú o! Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ímeèlì yín sínú ìwé tí mo gbé sí ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, pé kí n ké sí yín lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀ lórí iye tó yẹ ká máa ta ọjà wa. Ọjọ́ náà ti dé. Sátidé 14 Nòfẹ́ńbà 2026 ni, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí agogo márùn-ún ààbọ̀, lórí Súùmù. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó wà fún, torí dátà ti wọ́n jù fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn láti máa jó o.

Ó wà fún ẹni tó ń rẹ aṣọ fúnra rẹ̀, tàbí tó ní ọmọṣẹ́ tó ń rẹ̀ ẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tó ti ń tà fún ọdún kan ó kéré tán, tí ogún ìdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù. Ìdì tí mo ń wí ni oníyáàdì márùn-ún tí gbogbo wa ń tà. Bí oníbàárà bá pè yín lálẹ́ pé ọgọ́ta ìdì lòun fẹ́ fún aṣọ ẹbí, tó ní, “Mọ́mì, èló lẹ máa gbà?”, tí ẹ kàn já iye kan lu afẹ́fẹ́, tí ẹ wá ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́ pé bóyá ẹ ti gbé ara yín tà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Bákan náà ni ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá, tí owó ń wọlé, àmọ́ tó jẹ́ pé nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ lọ ra téru tuntun, àfi kó yáwó.

Kò wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ. Ìyẹn ò ṣeé kọ́ lórí fóònù. Ẹni tí kò tíì dúró ti ike aró kó rí i bí aṣọ ṣe ń jáde láwọ̀ kan, tí afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di àwọ̀ mìíràn lójú ẹni, ẹ jẹ́ kó wá bá mi ní Kẹ́mta, kó wọ ìbọ̀wọ́. Kò wà fún ẹni tó ń ra àdìrẹ ẹ̀rọ tó ń bọ̀ láti òkè òkun kó tó tún un tà. Ìṣirò tiyín rọrùn ju tiwa lọ, ẹ ò nílò mi. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù ló máa ń jẹ èrè tiyín, a ò sì ní débẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Ẹni tó ń wá ẹ̀yáwó, mi ò ní owó tí mo fẹ́ yá ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin díẹ̀ tó ṣì ń fi ẹ̀lú rẹ aṣọ yàtọ̀. Aró kẹ́míkà, ìyẹn ti kọ́sítíìkì àti háídírósù, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìkòkò ẹ̀lú kì í yá bọ̀rọ̀: ẹ ó sẹ́ omi eérú, ẹ ó dúró kí ewé kan, ẹ ó ri aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó dú dáadáa. Ọjọ́ tí ẹ fi dúró yẹn ni owó tó wà nínú rẹ̀, ẹ kì í sì í kà á. Ẹ wá, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa yí ìṣirò náà bá iṣẹ́ yín mu.

Ohun tí a máa ṣe rèé. Ẹ jẹ́ ká ní ìdì téru kan jẹ́ ₦6,500. Aró àti kẹ́míkà rẹ̀, ₦1,800. Àbẹ́là, ₦1,200. Èédú tí a fi sè é kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò, pẹ̀lú omi, ₦600. Owó ọmọ tó fọ̀ ọ́, tó sá a, tó lọ̀ ọ́, ₦1,500. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦11,600. Ẹ tà á ní ₦13,000, ẹ ní ₦1,400 ni èrè. Lórí ogún ìdì, ìyẹn jẹ́ ₦28,000.

Ṣùgbọ́n nínú ogún ìdì yẹn, ẹyọ kan bà jẹ́. Bóyá ìdérí háídírósù ò dé dáadáa, ọ̀rinrin wọ inú rẹ̀, ló bá di pé aró ò mú, ó ń ṣàn dànù nígbà tí ẹ fọ aṣọ. Owó ogún ìdì, ₦232,000, ti jáde ná. Mọ́kàndínlógún lẹ rí tà, ₦247,000. ₦15,000 ló kù. Tí ẹ bá pín in sórí ogún, ₦750 ni owó iṣẹ́ ọwọ́ yín lórí ìdì kan. A ò tíì ka owó ọkọ̀ lọ sí Èkó o, a ò sì tíì ka ẹni tó ra mẹ́wàá tó ní kí ẹ fi ẹyọ kan ṣe ẹ̀ẹ́nì.

Iye tiyín la máa fi rọ́pò àwọn tí mo kọ yìí, nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, títí olúkúlùkù á fi mọ iye tí kò gbọ́dọ̀ tà kọjá sísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ẹbí: iye tí ẹ lè dín fún ẹni tó ra púpọ̀, àti ìdí tí mo fi ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó kí n tó tú téru.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn ni mo máa fi polówó kíláàsì tuntun tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀: Sátidé mẹ́rin, láti 9 sí 30 Jánúárì 2027, ₦20,000, lórí ìwé ìṣirò, ìdíyelé àti gbèsè oníbàárà. Mo fi sí Jánúárì torí kò sí aláró tó ráàyè ní Dìsẹ́ńbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìpolówó lè jáde ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mi ò ní bínú.

Ẹ mú bírò àti ìwé, pẹ̀lú rìsíìtì téru àti aró tí ẹ rà kẹ́yìn. Bí kò bá sí rìsíìtì, ẹ pe ẹni tó tà á fún yín kẹ́ ẹ béèrè iye rẹ̀. Ẹ pa fídíò, ohùn nìkan ti tó. Mo máa ká ibi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹni tí iná tàbí nẹ́tíwọ̀kì bá já lójú ọ̀nà, àmọ́ mi ò ní ká ibi ìbéèrè, torí àwọn èèyàn máa sọ owó wọn níbẹ̀.

Ogójì èèyàn ni mo fẹ́ gbà, kí n lè dá gbogbo yín lóhùn. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ dá ímeèlì yìí padà kí Wẹ́sidé 11 Nòfẹ́ńbà tó kọjá, kí ẹ kọ irú àdìrẹ tí ẹ ń ṣe sí i (alábẹ́là, oníko, ẹlẹ́kọ tàbí alábẹ́rẹ́) àti iye tí ẹ ń ta ìdì kan báyìí. Èmi nìkan ni mo máa rí i. Líǹkì á dé ọ̀dọ̀ yín ní Fúráìdé.

Ìyá Ìbejì,
aláró, Kẹ́mta, Abẹ́òkúta