Ìdánwò Ìparí Sáà Kẹta: Èdè Yorùbá, Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kejì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje, 2025
Àkókò: ìṣẹ́jú 45
Gbogbo máàkì: 40

Fún ẹni tí yóò ya àwòrán àti ẹni tí yóò ṣe fọtokópì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dúdú kun inú àwòrán kankan. Ìlà ìta nìkan ni kí ẹ yà. Ní sáà tó kọjá, ewúrẹ́ tí a kùn dáadáa di àpò èédú nígbà tí ẹ̀rọ ṣe é tán, ọmọ mẹ́jọ ló sì kọ "àpò" sí abẹ́ rẹ̀. Mi ò lè sọ pé wọ́n kùnà, nítorí àpò ni èmi náà rí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè àwọ̀ kankan lọ́tẹ̀ yìí.

Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan tó páálí ìṣáná, ó kéré tán. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkámọ́ onígun jẹ́ àlàyé fún yín. Kò gbọdọ̀ hàn nínú ìwé àwọn ọmọ. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ àmì ohùn tì, ẹ fi bíró fi wọ́n sí i kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Láìsí àmì, ìbéèrè 5 dé 8 ti bàjẹ́.

Fún olùkọ́ tí yóò dúró ti àwọn ọmọ

Ẹ ka ìtọ́ni apá kọ̀ọ̀kan sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo àwòrán kí wọ́n tó mú pẹ́ńsù. Ẹ bá wọn ṣe àpẹẹrẹ lójú pátákó. Bí ọmọ bá béèrè pé "Kí ni èyí?", ẹ ní kó tún un wò, ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún un. Gbágùúdá wà nínú ìwé yìí tẹ́lẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀gẹ́, àwọn mìíràn ń pè é ní pákí, kò sì sí èyí tí kò tọ̀nà nínú wọn.

---

ÌWÉ ÌBÉÈRÈ

Kọ orúkọ rẹ sí òkè ìwé.
Wo àwòrán dáadáa kí o tó dáhùn.

APÁ KÌÍNÍ (máàkì 8)

Pe orúkọ ohun tí o rí. Fi òdo yí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ká.

Àpẹẹrẹ: [Ajá tó jókòó, ahọ́n rẹ̀ yọ síta]
(a)  b  d

1. [Ẹja kan, pẹ̀lú ojú àti ìpẹ́]
e  ẹ  i

2. [Orí obìnrin tó wé gèlè ńlá, kí gèlè náà tóbi ju ojú lọ]
gb  k  g

3. [Ṣíbí ìjẹun kan]
s  ṣ  t

4. [Ọ̀bẹ ìdáná kan]
ọ  b  o

APÁ KEJÌ (máàkì 8)

Wo àwòrán. Ka ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fi òdo yí èyí tó bá àwòrán mu ká.

5. [Ọkọ́ ìroko: irin àti èèkù igi]
ọkọ  ọkọ̀  ọkọ́

6. [Bọ́ọ̀sì kékeré, kí táyà méjì hàn]
ọkọ̀  ọkọ́  ọkọ

7. [Igbá tí omi wà nínú rẹ̀]
igba  igbá  igbà

8. [Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, tí a dì ní ìdí]
ọwọ́  owó  ọwọ̀

APÁ KẸTA (máàkì 6)

Ka iye wọn. Fi ìlà so àwòrán mọ́ ọ̀rọ̀.

9. [Òròmọdìyẹ mẹ́rin tó ń tẹ̀lé ìyá wọn, ìyá wà lọ́tọ̀, nínú àpótí tirẹ̀]
10. [Ọsàn méje lórí àtẹ]
11. [Ẹyin mọ́kànlá: márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́]

Ọ̀rọ̀ tó wà ní apá ọ̀tún: mọ́kànlá, mẹ́fà, mẹ́rin, méjìlá, méje

APÁ KẸRIN (máàkì 8)

Kí ni ọmọ yìí yóò sọ? Mú A, B tàbí D.

12. [Oòrùn ń yọ. Ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní iwájú ilé]
A. Ẹ kú alẹ́, sà.
B. Ẹ káàárọ̀, sà.
D. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.

13. [Obìnrin ń di irun fún ẹnì kan. Ọmọbìnrin kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wọn]
A. Ojú gbooro o.
B. Àroko bọ́dún dé o.
D. Ẹ kú ewu ọmọ.

14. [Obìnrin jókòó ti àtẹ tòmátò àti ata lọ́jà. Ọmọbìnrin kúnlẹ̀]
A. Ẹ kú ìnáwó.
B. Ó dàárọ̀.
D. Ajé á wọ igbá o.

15. [Obìnrin gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́. Ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀]
A. Ẹ kú ewu ọmọ.
B. Ẹ kú ọ̀sán.
D. Ẹ kú oko.

APÁ KARÙN-ÚN (máàkì 10)

Àdùkẹ́ ń gbé ní Ìṣẹ́yìn. Wo bí aṣọ òfì rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

16. Èwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Kọ 1, 2, 3, 4 sí abẹ́ àwọn àwòrán. (máàkì 4)

A. [Àdùkẹ́ wọ ìró àti bùbá òfì, ó ń rẹ́rìn-ín]
B. [Igi òwú, òwú ti là lórí rẹ̀]
D. [Bàbá jókòó nídìí òfì, ó ń hun aṣọ gígùn tóóró]
E. [Ìyá àgbà ń ran òwú di fọ́nrán]

17. Kọ gbólóhùn kan nípa àwòrán D. (máàkì 4)

18. Ya oúnjẹ tí o fẹ́ràn. Kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́. (máàkì 2)

---

FÚN OLÙKỌ́ TÍ YÓÒ MÁÀKÌ (ẹ má fi sínú ìwé àwọn ọmọ)

1 dé 15, máàkì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:
1 ẹ; 2 g; 3 ṣ; 4 ọ; 5 ọkọ́; 6 ọkọ̀; 7 igbá; 8 ọwọ̀; 9 mẹ́rin; 10 méje; 11 mọ́kànlá; 12 B; 13 A; 14 D; 15 A.

Ọmọ tó bá fi ìlà so ìbéèrè 11 mọ́ méjìlá, ẹ wo bóyá ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì ni tàbí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò ní gba máàkì, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kẹta. Mo ní kí ẹyin kan dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́wàá kí ojú ọmọ lè rí i pé mọ́kànlá jẹ́ ọ̀kan lé ní ẹ̀wá.

16: B ni 1, E ni 2, D ni 3, A ni 4. Máàkì kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sí àyè rẹ̀.

17: "Bàbá ń hun aṣọ" gba mẹ́rin. "Ó ń hun aṣọ" náà gba mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan bíi "òfì" gba ọ̀kan. Ẹ má gé máàkì nítorí àmì ohùn. Apá kejì la ti dán ìyẹn wò, a kì í na ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ẹ fi bíró pupa tọ́ka sí i níbi tí kò bá sí, kí ẹ sì fi máàkì sílẹ̀ fún un.

18: Máàkì kan fún àwòrán, ọ̀kan fún orúkọ. Ẹ má wo ẹwà àwòrán. Ẹni tó kọ "ìrẹsì" àti ẹni tó kọ "ráìsì", méjì méjì.