Lẹ́tà kírẹ́díìtì LC-0417/26: ẹ bá wa fìdí àwọn àdéhùn inú rẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìwé ẹrù gbọ́dọ̀ dé báńkì

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹrin, 2026

Sí: Alàgbà Bánkọ́lé, ọ̀gá ẹ̀ka ọjà títà
Láti ọ̀dọ̀: Fọláṣadé, ẹ̀ka ìrajà
Lórí: ẹ̀rọ ìránṣọ 480, pirofọ́mà 1186

Alàgbà Bánkọ́lé wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Báńkì wa ti ṣí lẹ́tà kírẹ́díìtì náà lọ́jọ́ 9 oṣù yìí, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ó ti tẹ báńkì yín lọ́wọ́. Iye rẹ̀ jẹ́ 69,600 dọ́là, CIF, ìyẹn ẹ̀rọ 480 ní 145 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹ̀dà MT700 mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gba àyè sínú ọkọ̀, ẹ bá mi kà á láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì fèsì sí ohun tí mo fẹ́ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló jẹ mí lógún jù. Nínú ímeèlì tí ẹ kọ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ní ẹ ní àyè títí di 31 oṣù Karùn-ún láti kó ìwé lọ sí báńkì. Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Ọjọ́ 31 yẹn, tó wà ní ìlà 31D, ni ọjọ́ tí lẹ́tà fúnra rẹ̀ yóò parí. Ìlà 48 ló sọ ti ìwé: ọjọ́ 15 péré lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹrù bá wọ ọkọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ló máa mú wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sórí bíìlì léédìn pé ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí kòńténà kúrò ní ilé iṣẹ́ yín, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ajẹ́ńtì bá gbé bíìlì náà lé yín lọ́wọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ọkọ̀ bá gbé ẹrù lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21, ni òpin. Ìwé tó bá dé lọ́jọ́ 22 ti pẹ́ nìyẹn, lẹ́tà ì báà ṣì ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lára. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ 15, tí ìlà 44C fi ṣe òpin ìkẹ́rùsọ́kọ̀, ni ọkọ̀ gbé e, ọjọ́ 15 tí ìlà 48 fún wa yóò pé ní 30, ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àìkú sì ni 31. Lóòótọ́, UCP 600, tí lẹ́tà yìí ń tẹ̀ lé, gbà pé kí òpin sún sí ọjọ́ iṣẹ́ báńkì tó tẹ̀ lé e bí báńkì bá wà ní títì, èyí tí í ṣe ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n àyè yẹn kò kan ọjọ́ ìkẹ́rùsọ́kọ̀ rárá, èmi kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbára lé e.

Mo rí i pé ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìkẹ́rùsọ́kọ̀ ni pirofọ́mà yín kọ fún ìwé. Ọjọ́ 21 ni UCP 600 fúnni nígbà tí lẹ́tà kò bá sọ nǹkan kan. Lẹ́tà tiwa sọ̀rọ̀, 15 ló sì sọ. Àwa la ní kí báńkì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ tí bíìlì kò tíì dé ọwọ́ wa, owó ìdúró kòńténà á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Bí 15 kò bá tó yín, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí a jọ jíròrò rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó so mọ́ èyí. Orí káńtà báńkì tiwa ni 31D àti 41A fi ìparí àti ìsanwó sí. Nítorí náà, kò tó kí ẹ kó ìwé fún báńkì yín tàbí fún oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ báńkì wa gan-an kí ọjọ́ tó pé. Bí báńkì yín bá fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ìwé wò, inú ọjọ́ 15 yẹn náà ni ọjọ́ tí wọ́n bá lò yóò ti jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìwé bá lò lójú ọ̀nà. Báńkì tiwa ní ọjọ́ iṣẹ́ báńkì márùn-ún láti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó bá dé. Bí wọ́n bá rí àìbáramu kan, kí òpin tó pé náà ni ẹ gbọ́dọ̀ tún un kó wá. Ṣé ẹ lè ṣe é bẹ́ẹ̀? Tàbí ẹ fẹ́ kí a yí ibi ìparí padà sí báńkì yín? Àwa kò kọ̀ ọ́. Kí a kàn mọ ẹni tó máa san owó àtúnṣe ni.

Ó ku nǹkan díẹ̀. Irú ẹ̀rọ tó wà ní ìlà 45A ni SM-40, pirofọ́mà sì kọ SM-400. Èwo gan-an ni? Ẹ má fojú kéré òdo kan yìí o, nítorí báńkì kì í wo ẹ̀rọ, ìwé ni wọ́n ń wò, àpèjúwe ọjà inú ínfọ́ìsì sì gbọ́dọ̀ bá ti lẹ́tà mu. Ẹ tún dábàá pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ kó 400 wá ná. Ìlà 43P kò gba kí a pín ẹrù, ẹyọ-ẹyọ ni a sì ka àwọn ẹ̀rọ náà, nítorí náà 480 ni kó pé, láìdín láìlé.

Ní ti ìlà 46A, ẹ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ máa rí gbogbo rẹ̀ kó jọ: ojúlówó bíìlì léédìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi hàn pé ẹrù ti wọ ọkọ̀ tí owó ọkọ̀ sì ti di sísan, ínfọ́ìsì tí ẹ fọwọ́ sí, ìwé àkójọ ẹrù inú páálí, ìwé ẹ̀rí orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá, àti ìwé ìbánigbófò. Ìbánigbófò náà kò gbọdọ̀ dín sí 76,560 dọ́là, ìyẹn ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún iye CIF, ọjọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ tí ẹrù wọ ọkọ̀.

Bí ẹ bá ní àtúnṣe kankan, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú èsì kan ṣoṣo. Owó ni báńkì ń gbà lórí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ kò sì lè gba apá kan nínú àtúnṣe kí ẹ kọ apá kejì.

Mo ń retí èsì yín kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù yìí: ọjọ́ tí ẹ retí pé ọkọ̀ máa gbé ẹrù, ọjọ́ tí ẹ kà sí òpin ìwé gẹ́gẹ́ bí ìlà 48 ṣe sọ, ibi tí ẹ fẹ́ kí ìparí wà, irú ẹ̀rọ tó tọ́, àti orúkọ ẹni tó ń bójú tó ìwé lọ́dọ̀ yín kí n lè máa bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Bí ẹ bá ti ní ìwé lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì kí ojúlówó tó gbéra, kí n lè bá yín wò ó.

Ẹ ṣé púpọ̀, sà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fọláṣadé
Ẹ̀ka ìrajà