Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Alábòójútó Dídára Gààrí

Sángo, Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Sí Ìyá Alága àti Akọ̀wé,
Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin oníṣẹ́ gààrí,
Ìsẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìyá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń tọrọ iṣẹ́ alábòójútó dídára gààrí tí ẹ kéde. Ìkéde yín ní ẹ ń fẹ́ ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì. Kò tíì sí ilé iṣẹ́ tó san owó oṣù fún mi rí: ní ọdún 2024 ni mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ oúnjẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti bó ẹ̀gẹ́, mo ti rin ín, mo ti yan án, mo sì ti gbé gààrí rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Mo kọ iṣẹ́ náà sísàlẹ̀ yìí pẹ̀lú ìwọ̀n àti àbájáde rẹ̀, kí ẹ lè fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ àṣekágbá, Yunifásítì Ìbàdàn, 2024

Ohun tí mo wádìí ni iye wákàtí tó yẹ kí ẹ̀gẹ́ rírin lò nínú àpò kó tó kan dáadáa. 300 kg ẹ̀gẹ́ tútù ni mo lò. Mo pín in sí ọ̀nà 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25 kg: mẹ́ta lo wákàtí 24, mẹ́ta lo 48, mẹ́ta lo 72, mẹ́ta lo 96. Lẹ́yìn bíbó, ó ku 225 kg. Lẹ́yìn yíyan, gààrí 66 kg ló jáde, ìyẹn 22 kg nínú 100 kg ẹ̀gẹ́.

Fún omi tó kù nínú gààrí, mo wọn gíráàmù 5, mo gbé e sínú ààrò yàrá àyẹ̀wò ní 105 °C títí ìwọ̀n rẹ̀ fi dúró sójú kan. Fún sáyánáìdì, ìyẹn májèlé tó máa ń wà nínú ẹ̀gẹ́, bébà píkíréètì ni mo lò. Àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ máa ń pọ́n lọ bí májèlé náà bá ṣe pọ̀ tó. Mo wọn bí ó ṣe kan tó, mo sì wọn bí ó ṣe ń wú, torí pé gààrí tó dára yẹ kó wú tó ìlọ́po mẹ́ta nínú omi.

Ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Kódẹ́ẹ̀sì ní omi inú gààrí kò gbọdọ̀ ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, sáyánáìdì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan, kíkan rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.6 sí 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti wákàtí 24 kùnà níbi sáyánáìdì, kíkan rẹ̀ kò sì ju 0.4 lọ. Ti 72 bọ́ sí i dáadáa, 0.8. Ti 96 ti lé kọjá, ó di 1.1, ẹni tó fẹ́ràn gààrí Ìjẹ̀bú lè fi ayọ̀ mu ún, àmọ́ ẹ kò lè tà á fún oníbàárà tó bá béèrè fún Kódẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta ti wákàtí 72 ní omi 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì bu nínú àpò. Jáàkì ni kò tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ̀gẹ́ náà ṣì ń lẹ̀ mọ́ ajọ̀, nígbà tó dé orí agbada ó di kókó, ẹ̀yìn kókó gbẹ, inú rẹ̀ sì tutù. Kíkó iná sí i kì í wo èyí sàn, ó máa ń mú kí kókó pọ̀ sí i ni. Ibi jáàkì ni kí a ti tún un ṣe: ẹ̀gẹ́ tí a fún lọ́wọ́, tó sì fọ́ wẹ́wẹ́ nígbà tí a là á, ló ti ṣeé yan.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Mọ́níyà, 2022

Nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022, mo ran àwọn ìyá tó ń yan gààrí ní Mọ́níyà lọ́wọ́ láìgbowó. Èmi ni mo dá ìwé àkọsílẹ̀ wọn sílẹ̀. Fún ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, mo ń kọ ọjọ́ tí wọ́n wú u, oko tó ti wá, ìwọ̀n rẹ̀, ìwọ̀n èèpo, ìwọ̀n gààrí tó jáde, owó igi ìdáná àti iye tí wọ́n tà á.

Ìwé yẹn ló fi hàn pé gààrí tó ń jáde nínú 100 kg máa ń jẹ́ 22 kg nígbà mìíràn, kó sì jẹ́ 17 kg nígbà mìíràn. Ẹ̀gẹ́ tó ti pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn wíwú, tí inú rẹ̀ ti ń dúdú, ni tàwọn 17 kg, torí pé wọ́n ní láti gé apá tó bàjẹ́ dànù. Ọ̀bẹ tó kú sì ń bó ẹran ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Kílò 5 dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n lórí tọ́ọ̀nù kan, odidi àpò 50 kg ló ń sọnù. Wọ́n gbà pé kí a máa ra ohun tí a lè rin láàárín ọjọ́ kan, kí a sì máa wọn èèpo. Bí èèpo bá ti ju 30 kg nínú 100 kg, a ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ yín mu

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso dídára, a kọ ètò ìdènà ewu fún ilé gààrí kan. Apá tèmi ni láti orí agbada dé inú àpò: títẹ́ gààrí sílẹ̀ títí yóò fi tutù kí a tó dì í, torí pé oru gààrí gbígbóná ń di omi nínú ọ̀rá. Mo tún kọ́ ohun tí NÁFÚDÁÀKÌ ń béèrè lára àpò: orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n, nọ́ńbà ìpele, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n gbé mi sí nígbà àgùnbánirọ̀. Kẹ́mísìrì ni mo kọ́ níbẹ̀, nítorí náà mo lè ṣàlàyé àyẹ̀wò fún ẹni tí kò ka ìwé rẹ̀.

N kò lè tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìrin ṣe. Mo lè mọ̀ ìgbà tí eyín rẹ̀ ti kú: ẹ̀gẹ́ á máa jáde ní ṣákálá, kò ní kan dọ́gba, sáyánáìdì á sì kù nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá gbà mí, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè fún ni òṣùwọ̀n 100 kg kan, òṣùwọ̀n kékeré kan àti ìwé ńlá kan. Àpò kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ńbà ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ orí agbada tó ti wá bí oníbàárà bá dá a padà.

Mo so ìwé ẹ̀rí mi, ẹ̀dà iṣẹ́ àṣekágbá àti ojú ìwé mélòó kan nínú ìwé Mọ́níyà mọ́ lẹ́tà yìí. Olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ mi àti ìyá tó ń ṣe olórí ní Mọ́níyà ti gbà kí ẹ pè wọ́n. Nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán mi wò, ẹ fún mi ní àpò gààrí mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ yín. Màá gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, màá sì mú èsì wá bá yín lọ́jọ́ ìpàdé, pẹ̀lú ohun tó fà á bí ọ̀kan bá kùnà.

Ọmọ yín,
Mọrẹ́nikẹ́