Lẹ́tà Ìdáhùn sí Àkíyèsí Àwọn Aṣàyẹ̀wò lórí Àpilẹ̀kọ 24-017

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Sí Olóòtú Àgbà,

Àkọlé àpilẹ̀kọ: «Láti Ìwé Ìròhìn dé Àkọtọ́ Ọdún 1974: Ìyípadà nínú Ìkọsílẹ̀ Èdè Yorùbá ní Nàìjíríà»

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aṣàyẹ̀wò méjèèjì tí wọ́n fara balẹ̀ ka iṣẹ́ wa. Aṣàyẹ̀wò Kejì tilẹ̀ la inú fáìlì náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fi àmì àtúnṣe síbi tó yẹ lójú wọn. Fáìlì mẹ́ta ni a fi ránṣẹ́ padà: lẹ́tà yìí, ẹ̀dà tí gbogbo àtúnṣe ti hàn nínú Track Changes, àti ẹ̀dà mímọ́. Ojú ìwé àti ìlà tí a bá dárúkọ nísàlẹ̀ yìí, ti ẹ̀dà mímọ́ ni. A kò fi orúkọ wa sí ìparí, nítorí pé lẹ́tà yìí yóò dé ọwọ́ àwọn aṣàyẹ̀wò, kò sì yẹ kí wọ́n mọ̀ wá kí ìpinnu yín tó jáde.

Ó dára kí ẹ ti mọ ibi tí a fì sí. A gba àkíyèsí tó dá lórí ìtàn ṣáájú ọdún 1859, a gba èyí tó kan Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, a sì gba 84 nínú àtúnṣe 118 tó wà nínú fáìlì. Nínú 34 tí a kò gbà, 33 ló yí àkọtọ́ àwọn àyọlò àtijọ́ padà sí ti òde òní. Ìkan tó kù jẹ́ gbólóhùn nípa ipò Ìwé Ìròhìn láàrin àwọn ìwé ìròyìn Áfíríkà. Lórí 33 wọ̀nyí ni a ti pẹ́ jù lọ nínú lẹ́tà yìí, nítorí pé bí wọ́n bá wọlé, ẹ̀rí tí àpilẹ̀kọ náà gbára lé ti pa rẹ́ nìyẹn.

Aṣàyẹ̀wò Kìíní

Àkíyèsí 1: «Àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ní Abẹ́òkúta bí ẹni pé ojú ọ̀run ni lẹ́tà Yorùbá ti já bọ́. Sàró ńkọ́?»

Ìdáhùn: A gba èyí pátápátá. Ìpínrọ̀ mẹ́ta tuntun ti wọlé (oj. 3–4, ìlà 61 sí 98). Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Hannah Kilham, ẹni tó tẹ àpẹẹrẹ àwọn èdè Áfíríkà jáde ní 1828, àti John Raban, tó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láàrin 1830 sí 1832, ní ìgbà tí àwọn ará Sàró ṣì ń pe àwọn ènìyàn wa ní Aku. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kan Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní 1843, tí èyí tó gbòòrò sí i, pẹ̀lú gírámà, sì tẹ̀lé e ní 1852. A tún mẹ́nu ba álífábẹ́ẹ̀tì Lepsius ti 1855, nítorí pé ìlànà rẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì wò kí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àfikún yìí kò kàn mú kí ìtàn gùn sí i. Ó jẹ́ kí òǹkàwé rí i pé nígbà tí Henry Townsend tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ Ìwé Ìròhìn ní ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń wá bí wọn yóò ṣe kọ èdè náà. Nítorí náà, a yọ «ìpìlẹ̀ ìkọsílẹ̀» tó wà nínú àfojúsùn wa, a sì fi «ìgbà àkọ́kọ́ tí ìkọsílẹ̀ náà dé ọwọ́ òǹkàwé déédéé» rọ́pò rẹ̀ (oj. 2, ìlà 33).

Àkíyèsí 2: Wọ́n ní kí a fi abala kan kún un lórí Ànjẹ̀mí, ìyẹn Yorùbá tí àwọn Mùsùlùmí fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé àwọn aláfáà, ní Ìlọrin pàápàá, ń kọ Yorùbá lọ́nà yìí, àpilẹ̀kọ wa kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé lẹ́tà Róòmù nìkan ló wà. A ti sọ bẹ́ẹ̀ kedere ní oj. 2, ìlà 40 sí 47, a sì ti fi «ní lẹ́tà Róòmù» kún ibi mẹ́fà tí a ti kọ «ìkọsílẹ̀» lásán. Abala odindi ni a kò lè kọ. Ìwé àfọwọ́kọ Ànjẹ̀mí béèrè fún ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá tó sì mọ irú lẹ́tà tí àwọn aláfáà ilẹ̀ wa ń lò. Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàrin àwa òǹkọ̀wé, a kò sì fẹ́ fi oorun tí a kò sùn rọ́ àlá.

Àkíyèsí 3: «Ṣé ìpàdé Èkó ti 1875 parí ọ̀rọ̀ àkọtọ́ lóòótọ́?»

Ìdáhùn: Kò parí rẹ̀. A ti pa «fìdí rẹ̀ múlẹ̀» rẹ́, a sì kọ «fi ìlànà àjùmọ̀ṣe àkọ́kọ́ lélẹ̀» (oj. 9, ìlà 212). Bíbélì tí ìtumọ̀ rẹ̀ pé ní 1884, tí àtúnṣe rẹ̀ sì jáde ní 1900, ṣì ń kọ «aiye», «enia», «nwọn» àti «yio», ó sì ń fi fàágùn sórí lẹ́tà kan ṣoṣo bí i ti «tobẹ̃» níbi tí àwa ń kọ fáwẹ̀lì méjì sí lónìí. Ó di ìgbà ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ti 1966, àti ìfọwọ́sí ti 1974, kí irú èyí tó kúrò nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Àkíyèsí 4: Aṣàyẹ̀wò Kìíní ní kí a gé abala kẹrin kúrú, Aṣàyẹ̀wò Kejì ní kí a fẹ̀ ẹ́. Ti Kìíní ni a tẹ̀lé, nítorí pé ẹ̀yin Olóòtú náà ti kìlọ̀ fún wa nípa gígùn iṣẹ́ náà. Àpẹẹrẹ méjì tí Aṣàyẹ̀wò Kejì fẹ́ ti bọ́ sínú Àtẹ 2, níbi tí wọn kò ti gba àyè.

Aṣàyẹ̀wò Kejì

Àkíyèsí 1: Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa dà bí ẹni pé ààlà Nàìjíríà ni Yorùbá parí sí.

Ìdáhùn: A gbà. A ti fi «ní Nàìjíríà» kún àkọlé, a sì ti kọ ìpínrọ̀ kan (oj. 14, ìlà 331 sí 349) lórí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ọdún kan péré lẹ́yìn ìfọwọ́sí ti Nàìjíríà. Níbẹ̀, «ẹṣin» di «ɛshin», «ọ̀pẹ» sì di «ɔ̀kpɛ». Ìyẹn ni pé ní àkókò tí ìhà kan ń lé «sh» jáde, ìhà kejì ń gbà á wọlé. A rò pé ìpínrọ̀ yìí wà lára ohun tó dára jù nínú ẹ̀dà tuntun yìí, ọpẹ́ rẹ̀ sì di ti aṣàyẹ̀wò.

Àkíyèsí 2: Ní oj. 5, wọ́n fi Track Changes kọ ọ́ wọlé pé Ìwé Ìròhìn ni «ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè ilẹ̀ Áfíríkà».

Ìdáhùn: A kò lè gba èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dùn mọ́ wa bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Umshumayeli Wendaba ti ń jáde ní èdè Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà láti 1837, ọdún méjìlélógún ṣáájú. Ohun tí ẹ̀rí gbé ni pé òun ni àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, àti ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Bí a ṣe fi sílẹ̀ nìyẹn. A sì ti fi Umshumayeli Wendaba sínú ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ (ìlà 118), kí òǹkàwé mìíràn má baà ṣe àfikún kan náà.

Àwọn àtúnṣe inú àyọlò (33). Aṣàyẹ̀wò Kejì sọ àyọlò wa di àkọtọ́ òde òní, wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé «kí ó bá ìyókù iṣẹ́ náà dọ́gba». Bí àpilẹ̀kọ yìí bá dá lórí ẹ̀sìn tàbí òṣèlú ni, a kì bá ti jiyàn. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ gan-an ni a ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan. Nínú Jẹ́nẹ́sísì ti Bíbélì 1900, a yọ «Ọlọrun dá ọrun on aiye» lò. Àtúnṣe náà sọ ọ́ di «Ọlọ́run dá ọ̀run òun ayé». Àyípadà «aiye» sí «ayé» hàn sí gbogbo ojú. Èyí tó kù ni ó fara sin. Ẹni tó tẹ ìwé yẹn fi àmì ohùn sórí «dá» nìkan, ó sì fi «ọrun» sílẹ̀ láìní àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ni «ọrun» lè jẹ́ ọ̀run, ó lè jẹ́ ọrùn, ó sì lè jẹ́ ọrun tí ọdẹ ń fà. Ó gbẹ́kẹ̀ lé gbólóhùn láti yanjú «ọrun». Kò gbẹ́kẹ̀ lé e fún «dá». Irú yíyàn yìí, ibi tí wọ́n ti fi àmì sí àti ibi tí wọ́n ti fò ó, ni Àtẹ 3 kà. Bí a bá fi àmì pé gbogbo rẹ̀, Àtẹ 3 kò ní ohun tí yóò kà mọ́, yóò sì dà bí ẹni pé àwa ni a fi àmì sí i ní 1900.

Síbẹ̀, àníyàn tó wà lẹ́yìn àtúnṣe náà tọ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lè kọsẹ̀ lórí «emi kì yio ṣe alaini». A ti ṣe ohun méjì: gbólóhùn kan ní oj. 2 (ìlà 50) ti sọ pé bí a ṣe bá àyọlò ni a fi í sílẹ̀, àti pé lábẹ́ àyọlò tó bá gùn ju ìlà kan lọ, a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní àkọtọ́ 1974. A tẹ Reject sí àtúnṣe 33 náà, a sì kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tó kù lórí fáìlì. Àwọn ìlà kan pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí ojú kò sì rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé a tẹ «ẹ́» lọ́nà méjì: ní ẹ̀dà wa, `U+1EB9` pẹ̀lú `U+0301` ni; ní èyí tó padà dé, `U+00E9` pẹ̀lú `U+0323` ni. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ohun ọ̀tọ̀tọ̀. A ti sọ gbogbo rẹ̀ di ìlànà NFC, a kò sì ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́ 118.

Àtúnṣe kéékèèké yòókù, ìyẹn àmì ìdánudúró, àṣìtẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó fò, a gbà wọ́n láìjiyàn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí yín, bí ẹ bá gba iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún ẹni tí yóò to ìwé náà fún títẹ̀ pé kí ó má ṣe tún àyọlò ṣe, pàápàá kí ó má ṣe sọ «tobẹ̃» di ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ó sì yan lẹ́tà tó lè gbé fàágùn orí ẹ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ pọ̀. A ti fi àwòrán ojú ìwé méjì láti inú ìwé àtijọ́ náà há a, kí ó lè fi wé e. Bí ẹ bá fi ẹ̀dà àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí wa, a ó dá a padà láàrin ọjọ́ márùn-ún.

Tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Àwọn òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ 24-017