Owó mi tó há sórí ápù yín láti ọjọ́ Jímọ̀: TX-58K2-0917

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Èmi Rafatu ni, mò ń ta aṣọ òfì ní Òkèlélé, Ìlọrin. Ẹ ní sikirinṣọ́ọ̀tì tí mo fi ránṣẹ́ kò ṣí lọ́dọ̀ yín. Mo tún ti so ó mọ́ èyí. Bí kò bá tún ṣí, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí.

Lókè pátápátá, aago 4:17 ni, bátìrì ku 9%. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán ni. Aago tiwa níbí ni o, ó fi wákàtí kan ṣáájú UTC, kí ẹ má lọ máa wá a níbi tí kò sí. Láàárín, ohun róbótó kan wà tó pọ́n bí ọsàn, àmì ìyanu wà nínú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni `£120.00`, lẹ́yìn náà `Payment on hold`, lẹ́yìn náà ní lẹ́tà wínníwínní: `Recipient name does not match bank record`. Bọ́tìnì méjì ló wà nísàlẹ̀. `Update details` rí bí eérú, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. `Cancel` ló ń tàn. Mi ò fọwọ́ kàn án, kí owó má baà gba ibẹ̀ lọ.

Ibi orúkọ ni kí ẹ bá mi wò dáadáa. Oníbàárà mi tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kọ `Rafatu Abdul-Ganiyu`. Báńkì mi kọ `ABDULGANIYU RAFATU`. Ìlà kékeré àárín yẹn nìkan ló yàtọ̀, àti pé báńkì fi orúkọ bàbá mi ṣáájú. Níbí, ọmọ ìyá mẹ́ta lè kọ orúkọ yẹn lọ́nà mẹ́ta, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Nọ́ńbà àkáǹtì bára mu, 4471 ló fi parí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, màá gba lẹ́tà ní báńkì. BVN mi ni mi ò ní kọ sínú lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni.

Owó ìró, gèlè àti ìborùn kan ni. Aṣọ ti dé ọwọ́ oníbàárà, rìsíìtì tí mo fi fi í ránṣẹ́ wà pẹ̀lú èyí. Ẹni tó hun ún ni mo ṣì jẹ ní owó. Àràárọ̀ ló ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò ní dárúkọ owó, á kàn ní, “Àwọn òyìnbó yín ńkọ́?”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú owó náà sílẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí `Update details` kí n yọ ìlà yẹn kúrò. Bí méjèèjì kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá a padà fún oníbàárà, kí ó tún fi í ránṣẹ́. Èyí tí ẹ bá ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di Àlàmísì.

Ẹ ṣeun.

Rafatu, aláṣọ òfì
Òkèlélé, Ìlọrin