Orí Kẹta, Sẹ́ẹ̀lì: Káàdì àti Ìbéèrè Ìdánrawò

Àbúrò mi, mo ti ka Orí Kẹta inú ìwé bayọ́lọ́jì rẹ tán, òun ni mo sọ di káàdì àti ìbéèrè yìí. Níwọ̀n bí fóònù ò ti wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ní Kàdúná, gé páálí bébà, kí o dà wọ́n kọ: ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn. Dáhùn sókè kí o tó yí i. Èyí tí o bá gbà, ó di ọ̀túnla. Èyí tí o bá ṣì, alẹ́ ọjọ́ náà ni kí o padà sí i.

Mi ò ṣe káàdì "kí ni sẹ́ẹ̀lì?" rárá. Ìyẹn ò ṣòro fún ọ. Ibi tí ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ti ń mú ọmọ ni ibi tí nǹkan méjì ti jọra, àti ibi tí wọ́n ti ní kó sọ ìdí.

KÁÀDÌ

Iwájú: Ta ló kọ́kọ́ pe sẹ́ẹ̀lì ní sẹ́ẹ̀lì, lọ́dún wo, kí ló sì rí gan-an?
Ẹ̀yìn: Robert Hooke, 1665. Èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò ló gé pẹlẹbẹ wò. Ògiri lásán ló rí, nítorí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti kú.

Iwájú: Schleiden, Schwann, Virchow: kí ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan?
Ẹ̀yìn: Schleiden, 1838: sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ewéko. Schwann, 1839: bẹ́ẹ̀ náà ni ẹranko. Virchow, 1855: inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wá.

Iwájú: Awọ sẹ́ẹ̀lì àti ògiri sẹ́ẹ̀lì, kí ló yà wọ́n?
Ẹ̀yìn: Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní awọ, ọ̀rá àti prótíìnì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń ṣa ohun tó máa kọjá. Ògiri kò sí lára sẹ́ẹ̀lì ẹranko. Ti ewéko jẹ́ sẹ́lúlóòsì, ti olú jẹ́ káítíìnì. Ògiri kì í ṣa nǹkan. Omi àti iyọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Iwájú: Ewé ti ní kílóróplásítì. Kí ló tún fẹ́ fi mitokọ́ńdíríà ṣe?
Ẹ̀yìn: Kílóróplásítì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ. Mitokọ́ńdíríà ló ń tú oúnjẹ náà palẹ̀ kí agbára tó jáde, tọ̀sán tòru. (Ẹni tó bá kọ pé ẹranko nìkan ló ní mitokọ́ńdíríà, ó ti pàdánù máàkì nìyẹn. Fa ìlà sábẹ́ káàdì yìí.)

Iwájú: Ráíbósóòmù?
Ẹ̀yìn: Ó ń ṣe prótíìnì. Kò ní awọ tirẹ̀. Bakitéríà pàápàá ní in.

Iwájú: Kí nìdí tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa èèyàn kò fi ní núkílíọ́ọ̀sì? Ti adìyẹ ńkọ́?
Ẹ̀yìn: Kí àyè lè gba hẹmogilóbíìnì tó ń gbé ọ́síjìn. Ti adìyẹ ní núkílíọ́ọ̀sì.

Iwájú: Fákúólù ewéko àti fákúólù amíbà inú omi odò?
Ẹ̀yìn: Ti ewéko tóbi, ó wà láàárín, ó ń tọ́jú omi, ó sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì le. Ti amíbà ń sún kì kó lè da omi tó pọ̀ jù síta. Àìsí i, amíbà á bẹ́.

Iwájú: Dífíúṣọ̀n, ọsimọ́síìsì, áktífù tìránspọ́ọ̀tì: èwo ló ń jẹ agbára?
Ẹ̀yìn: Ìkẹta nìkan, torí ó ń gbé nǹkan láti ibi tó ti kéré lọ síbi tó ti pọ̀, bí gbòǹgbò ṣe ń fa iyọ̀ inú ilẹ̀. Dífíúṣọ̀n: láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré. Ọsimọ́síìsì: omi nìkan, ó sì gbọ́dọ̀ gba inú awọ tó ń ṣa nǹkan.

Iwájú: Máítósíìsì àti mèyósíìsì, bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ẹ̀lì èèyàn tó ní krómósóòmù 46.
Ẹ̀yìn: Máítósíìsì: sẹ́ẹ̀lì méjì, 46 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mèyósíìsì: sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, 23 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ Ẹ̀KA KÌÍNÍ

1. Lẹ́ǹsì ojú maikirosíkóòpù jẹ́ ×10, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ×40. Ìlọ́po mélòó ni ohun tí ò ń wò fi tóbi? (A) 4 (B) 50 (D) 400 (E) 4000

2. Èwo ni o kò ní rí nínú awọ fẹ́lẹ́ àlùbọ́sà? (A) ògiri (B) núkílíọ́ọ̀sì (D) kílóróplásítì (E) fákúólù

3. O ya sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kan, àwòrán rẹ gùn ní mìlímítà 80. Sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ gùn ní maikirómítà 200. Ìlọ́po mélòó ni àwòrán rẹ?

*Ìdáhùn.* Ìkíní, D: 10 × 40 = 400; àwọn tó ròó pọ̀ ló máa ń mú B. Ìkejì, D. Abẹ́ ilẹ̀ ni àlùbọ́sà ń wà, kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ewéko ló ní kílóróplásítì. Ìkẹta, sọ ìwọ̀n méjèèjì di ọ̀kan ná: maikirómítà 200 jẹ́ mìlímítà 0.2, ó wá di 80 ÷ 0.2 = 400. Bí o bá pín 80 sí 200 lásán, 0.4 lo máa rí, àwòrán rẹ á wá kéré ju sẹ́ẹ̀lì tó ò ń fi maikirosíkóòpù wò lọ!

ÌBÉÈRÈ Ẹ̀KA KEJÌ

4. Nínú oòrùn oṣù kẹta, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan lọ́jà Kubwa ń wọ́n omi sórí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ tó ti ń rọ.
(a) Ṣàlàyé ohun tí omi náà ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ewé. (máàkì 5)
(b) Bí ó bá jẹ́ omi oníyọ̀ tó pọ̀ lọ́wọ́ ló wọ́n, kí ló máa ṣẹlẹ̀? (máàkì 3)

*Ìdáhùn (a).* Ooru ti fa omi jáde lára ewé (1). Omi ìta wá pọ̀ ju ti inú sẹ́ẹ̀lì lọ (1), ó sì gba inú awọ wọlé nípa ọsimọ́síìsì (1). Fákúólù kún, ó ń ti ògiri (1), sẹ́ẹ̀lì le, ewé sì nà padà (1).

*(b)* Omi inú sẹ́ẹ̀lì máa jáde (1), awọ á ya kúrò lára ògiri (1), ewé á túbọ̀ rọ (1). Orúkọ rẹ̀ ni pilasimólíísíìsì.

Ṣọ́ra níbí: omi ni kí o máa tọ̀, má tọ iyọ̀. Ọmọ tó bá kọ pé "láti ibi tó pọ̀ lọ síbi tó kéré" láìsọ pé omi ni, iyọ̀ lolùkọ́ máa rò, ìdáhùn rẹ̀ á sì dorí kodò.

5. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sínú ife mẹ́ta: omi tí kò ní iyọ̀ kankan, omi oníyọ̀ 0.9%, omi oníyọ̀ 5%.
(a) Sọ bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe máa rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. (máàkì 6)
(b) Kí nìdí tí sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà kò ní bẹ́ nínú ife kìíní? (máàkì 2)

*Ìdáhùn (a).* Kìíní: omi wọlé, sẹ́ẹ̀lì wú, ó bẹ́. Kejì: omi tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde dọ́gba, sẹ́ẹ̀lì wà bó ṣe wà, ìdí nìyí tí omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára fi ń ní iyọ̀. Kẹta: omi jáde, sẹ́ẹ̀lì hunjọ. Máàkì méjì-méjì: ọ̀kan fún ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀kan fún ìdí.

*(b)* Ògiri sẹ́lúlóòsì le, ó ń ti omi padà, sẹ́ẹ̀lì kàn máa le ni.

6. Kílíṣí máa ń pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹran tútù ò lè rí ọjọ́ kejì nínú ooru Kàdúná. Fi ohun tí o mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì bakitéríà, omi àti iyọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. (máàkì 5)

Mi ò kọ ìdáhùn ìkẹfà. Kọ tìrẹ sínú ojú ewé kan, kí o fún mi lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, màá máàkì í níbẹ̀.