Oríkì ti dé o! Ankara tuntun wa, prí-ọ́dà máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà o! Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé ìgbà wo làwọn ankara tuntun máa jáde, ó ti jáde báyìí, Oríkì la sọ ọ́, torí oríkì àwọn ará ilé wa ni mo fi pe sítáìlì kọ̀ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́ ni gáùn gígùn alápò méjì, náírà 48,000 (oríkì màmá mi nìyẹn, màmá mi ò sì kí ń wọ aṣọ tí ò lápò). Àjọkẹ́ ni síkẹ́ẹ̀tì àti búláòsì ọlọ́wọ́ ńlá, 55,000. Àyìnkẹ́ ni búbù, 42,000. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, Àkànní yín rèé, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ péńpé, 30,000.

Òwú pọ́ńbélé ni gbogbo ẹ̀, Gbági n'Ìbàdàn la ti rà á, a fọ̀ ọ́ a lọ̀ ọ́ ká tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, kó má baà súnkì mọ́ yín lára tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ nílé. Pátánì ẹ̀ tóbi, a sì rí i pé òbìrí tọ̀tún pàdé tòsì níbi tá a ti rán an pọ̀, aṣọ púpọ̀ nìyẹn ń jẹ o, àmọ́ mi ò lè rán ankara tí àwòrán ẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti sáìsì, torí ìyẹn ló wà lọ́kàn mi jù. Ẹ mọ bí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ṣe máa ń rí, tó bá gba ìdí tán wéèsì á wá máa fẹ̀ bí àpò, tí wéèsì bá sì dáa kò ní kọjá itan. Ìdí Yorùbá ni mo gé tèmi fún. Sáìsì 8, àyà 34, wéèsì 27, ìdí 39. Sáìsì 12, 38, 31, 43. Sáìsì 16, 42, 35, 48. Sáìsì 20, 46, 40, 53. Sáìsì 24, 51, 45, 58. Ínṣì ni gbogbo ẹ̀, àwọn sáìsì tó wà láàárín náà wà ńlẹ̀, iye kan náà sì ni gbogbo sáìsì, mi ò ní gbowó lé e torí pé èèyàn sanra. Ti Àkànní, láti M dé 3XL. Tẹ́ ẹ bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 9 lọ ẹ sọ fún wa, a máa fi gígùn kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá la máa ṣí prí-ọ́dà, a máa tì í lálẹ́ ọjọ́ 17. Ẹ san ìdajì owó, ẹ san ìyókù tá a bá ti rán an tán. Láti ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá la ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́, kó lè tó yín lọ́wọ́ ṣáájú òde Kérésì, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀n àti Húsítìnì náà. Aṣọ 120 péré ni o, bọ́ńdùlù tá a rí rà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi orúkọ sítáìlì, sáìsì àti gíga yín ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tépù wọn ara yín lónìí, ẹ má lo ìwọ̀n èṣí.